MCV 84, RDW 22: Ṣé Àbùdá Talasíìmíà Ni, àbí Àìtó Èròjà Méjì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mi rèé: Hb 9.1, RBC 3.55, MCV 84, RDW 22. Dókítà tó ń tọ́jú mi ní èròjà irin àti fítámì B12 ló tán lára mi, pé fẹ́rítìnì mi, èyí tó ń sọ iye irin tí ara tọ́jú pamọ́, ò ju 7 lọ. Àmọ́ àbúrò mi ọkùnrin, tí a jọ jẹ́ ọmọ ìyá àti bàbá kan náà, ní àbùdá talasíìmíà. Tirẹ̀ ni Hb 11.2, RBC 5.6, MCV 64, RDW 14.4. Báwo la ṣe lè fi RDW yìí mọ̀ bóyá èmi náà ní i, àbí àìtó èròjà nìkan ló ń bá mi jà?

Ìdáhùn: Dókítà yín kò ṣì í. Ẹ̀jẹ̀ tí MCV rẹ̀ jẹ́ 84, tí RDW rẹ̀ sì gun orí 22, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ẹni tí àbùdá talasíìmíà, àbùkù jíìnì àjogúnbá tó ń dín himoglobíìnì inú sẹ́ẹ̀lì pupa kù, nìkan wà lára rẹ̀. Àìtó èròjà méjì, tí ọ̀kan ń sọ sẹ́ẹ̀lì di kékeré tí èkejì ń sọ ọ́ di ńlá, ló sábà máa ń mú irú èsì báyìí wá. Ṣùgbọ́n apá kejì ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀ o. RDW yín fi hàn pé àìtó èròjà wà. Kò fi hàn pé àbùdá náà kò sí. Ó lè wà lábẹ́ kí àìtó èròjà bò ó mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn ìtọ́jú nìkan ni yóò sì tó yọjú. Nítorí ti àbúrò yín, ọ̀rọ̀ yìí yẹ ní títọpinpin dé ìdí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo 84 yẹn, torí òun gan-an ló ń tan èèyàn. MCV ni ìtóbi sẹ́ẹ̀lì pupa ní ìpíndọ́gba, fL la sì fi ń kà á. Láàárín 80 sí 100 la ń retí lára àgbàlagbà, nítorí náà ẹni tó bá sáré wo èsì yín á ní sẹ́ẹ̀lì yín kò kéré, kò sì tóbi jù. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ọdún mẹ́rin mẹ́wàá àti àgbà ọgọ́ta ọdún mẹ́wàá bá jókòó sínú yàrá kan, ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn yóò jẹ́ ọdún 32, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú yàrá náà tó jẹ́ ẹni ọdún 32. Bí 84 yín ṣe rí nìyẹn. Ọ̀wọ́ sẹ́ẹ̀lì kan kéré nítorí pé irin kò tó, ọ̀wọ́ mìíràn tóbi nítorí pé B12 kò tó, ẹ̀rọ wá da gbogbo wọn pọ̀, ó pín in, ó sì mú 84 jáde.

RDW ló ń tú àṣírí ìpíndọ́gba yìí. Ẹ̀rọ tó ń ka ẹ̀jẹ̀ máa ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì gba ojú ihò tóóró kan kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, a wọn ìtóbi ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, a sì ya gíráàfù bí wọ́n ṣe pọ̀ tó ní ìtóbi kọ̀ọ̀kan. Bí òkè gíráàfù náà bá ṣe fẹ̀ tó ni RDW sọ. Irú èyí tí wọ́n kọ fún yín, tí à ń fi ìdá ọgọ́rùn-ún kà, ìṣirò rẹ̀ rèé:

```
RDW-CV = SD ÷ MCV × 100
```

SD ni bí ìtóbi sẹ́ẹ̀lì ṣe tàn kálẹ̀ tó sí apá méjèèjì ìpíndọ́gba, fL náà la fi ń kà á. Ní ọ̀pọ̀ yàrá àyẹ̀wò, RDW-CV tó bá wà láàárín 11.5 sí 14.5 kò ní wàhálà.

Ẹ bá mi yí ìṣirò náà padà kí ẹ lè fojú ara yín rí i. MCV yín jẹ́ 84. Ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ bíi 18.5 fL. Ìyẹn ni pé, bí a bá fojú díwọ̀n, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta sẹ́ẹ̀lì yín wà láàárín 65 sí 103, ìyókù sì tún kéré ju 65 tàbí tóbi ju 103 lọ. Ti àbúrò yín ńkọ́? Ìdá 14.4 nínú ọgọ́rùn-ún 64 jẹ́ 9.2 fL péré. Ẹni tí ara rẹ̀ dá, tí MCV rẹ̀ jẹ́ 90 tí RDW rẹ̀ sì jẹ́ 13, SD tirẹ̀ jẹ́ 11.7 fL. Èyí túmọ̀ sí pé sẹ́ẹ̀lì àbúrò yín tilẹ̀ jọra ju ti ẹni tí ara rẹ̀ dá lọ. Wọ́n kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló kéré bákan náà.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Inú jíìnì ni àbùdá talasíìmíà wà. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì tí mùdùnmúdùn egungun ń ṣe ló gba jíìnì kan náà, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí èèyàn títí di òní. Bí ìyà kan náà ṣe ń jẹ gbogbo wọn, ìtóbi kan náà ni wọ́n ń ní. Àìtó irin kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni irin ń tán lára. Sẹ́ẹ̀lì pupa kan ń lo bí ọgọ́fà ọjọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ kó tó kú, nítorí náà ohun tó wà nínú iṣan yín lónìí jẹ́ àpapọ̀ iṣẹ́ oṣù mẹ́rin. Àwọn tí egungun ṣe nígbà tí irin ṣì kù díẹ̀ ṣì tóbi, àwọn tí wọ́n ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá sì ti rán. Tí B12 bá tún wá tán, sẹ́ẹ̀lì kò ní ráyè ṣe DNA rẹ̀ parí, kò ní lè pín nígbà tó yẹ, a sì máa tóbi kọjá ààlà kó tó jáde. Ẹ da méjèèjì pọ̀, RDW kò lè ṣàì ga.

Ó tún yẹ kí ẹ mọ̀ pé àìtó méjèèjì yìí kì í ṣàdédé pàdé. Inú ikùn ni wọ́n ti sábà máa ń pàdé. Nígbà tí awọ inú àpòlúkù bá ti bàjẹ́, ásíìdì tó ń jẹ́ ká rí irin yọ nínú oúnjẹ á dín kù, èròjà tó ń gbé B12 wọ ara náà á sì dín kù. Ẹni tí wọ́n gé apá kan ikùn rẹ̀ nílé ìwòsàn náà lè wọ irú wàhálà kan náà. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì bi yín léèrè ìdí tí méjèèjì fi tán lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀yin ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín. Ohun tó fà á ṣì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí oògùn bá ti dí àlàfo náà.

Ní báyìí, mo fẹ́ kìlọ̀ nípa ohun kan tí mo ti rí tó ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà, títí kan àwa oníṣẹ́ ìlera. Ní 1983, Bessman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìlànà kan jáde tó fi MCV àti RDW pín àìtó ẹ̀jẹ̀ sí ìsọ̀rí. Nínú ìlànà náà, sẹ́ẹ̀lì kékeré pẹ̀lú RDW tó wà ní ààlà ń tọ́ka sí àbùdá talasíìmíà, sẹ́ẹ̀lì kékeré pẹ̀lú RDW tó ga sì ń tọ́ka sí àìtó irin. Ìlànà tó dára ni, ó sì rọrùn ún rántí, òun náà ló fà á tí àwọn kan fi ń lò ó bí òfin. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àbùdá náà ni RDW wọn máa ń kọjá 14.5. Apá kan nínú ẹ̀bi náà wà nínú ìṣirò tí a ṣe lókè yẹn. MCV ló wà nísàlẹ̀ ìpín, bí òun bá ṣe kéré tó ni èsì ìpín á ṣe ga tó, bí sẹ́ẹ̀lì kò tilẹ̀ tàn kálẹ̀ sí i rárá. Ká ní RDW àbúrò yín jẹ́ 16.5, kí MCV rẹ̀ sì jẹ́ 62. Ẹlòmíì á ní, "Ó ga, àìtó irin ni," á sì kọ oògùn irin fún un. Ẹ ṣírò ó: SD rẹ̀ kò ju 10.2 fL lọ, kò sì tó ti ẹni tí ara rẹ̀ dá. Kò sí ìtànkálẹ̀ àrà ọ̀tọ̀ kankan níbẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe máa ń wò bóyá ẹ̀rọ tẹ RDW-SD jáde pẹ̀lú. Òun kì í bá MCV pín rárá. Ẹ̀rọ á lọ sí ibi tó jẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún gíga gíráàfù, á sì wọn bó ṣe fẹ̀ tó níbẹ̀ ní fL. Nǹkan bíi 39 sí 46 la ń retí. Ẹni tó ní àbùdá talasíìmíà sábà máa ń wà nísàlẹ̀ ìyẹn tàbí lẹ́bàá rẹ̀, nígbà tí irú ẹ̀jẹ̀ tiyín á fò kọjá 46 dáadáa. Bí ìwé èsì yín bá kọ RDW lásán láìsọ irú èyí tó jẹ́, ẹ wo ohun tí wọ́n fi kà á: bí ó bá jẹ́ %, CV ni, bí ó bá jẹ́ fL, SD ni.

Nọ́ńbà tí mo máa ń wò tẹ̀ lé RDW ni RBC, iye sẹ́ẹ̀lì pupa. Àbúrò yín ní mílíọ̀nù 5.6 nínú máíkírólítà kan, ẹ̀yin ní mílíọ̀nù 3.55. Mùdùnmúdùn ẹni tó ní àbùdá náà kò ṣaláìní èròjà. Himoglobíìnì inú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ló kéré, nítorí náà ó ń ṣe sẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ láti fi dí i. Mùdùnmúdùn ẹni tí irin àti B12 tán lára rẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi ṣiṣẹ́, iye sẹ́ẹ̀lì á sì já wálẹ̀. Orí èyí ni Mentzer gbé ìṣirò rẹ̀ ti 1973 kà: pín MCV pẹ̀lú RBC. Bí èsì kò bá tó 13, àbùdá talasíìmíà ló ṣeé ṣe jù; bó bá ju 13 lọ, àìtó irin ni. Ti àbúrò yín jẹ́ 11.4, ó bá a mu. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi wọn tiyín. Sẹ́ẹ̀lì kékeré ni wọ́n ṣe ìṣirò náà fún, MCV yín kò sì kéré, 23.7 tó máa jáde kò ní já mọ́ nǹkan kan fún ìbéèrè yín.

Kí ẹ̀rọ tó parí ọ̀rọ̀, ojú èèyàn ní láti wo ẹ̀jẹ̀ náà lábẹ́ maikirosíkóòpù. Nínú irú ẹ̀jẹ̀ tiyín, mo máa ń rí sẹ́ẹ̀lì tó rán, tí àárín rẹ̀ ti ṣí funfun, pẹ̀lú àwọn kan tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn gan-an ni àwọn ńláńlá tó rí gbọ̀ọ̀rọ̀, tí himoglobíìnì kún inú wọn dẹ́nudẹ́nu. Èyí tí mo ń fọkàn wá jù ni sẹ́ẹ̀lì funfun tí kókó inú rẹ̀ pín sí ọ̀nà mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló sábà máa ń jẹ́. Bí mo bá rí irú rẹ̀, mo ti mọ̀ pé àìtó B12 tàbí ti fólétì, fítámì mìíràn tí sẹ́ẹ̀lì fi ń pín, lọ́wọ́ sí i, kódà bí MCV bá wà ní ààlà. Ti àbúrò yín á yàtọ̀: sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tó jọra, àwọn mìíràn pupa láàárín tí òrùka fífunfun yí ibẹ̀ ká, àwọn mìíràn ní ẹ̀kán aláwọ̀ búlúù wínníwínní nínú.

Mo ti dé ibi tí RDW kò ti lè ran wá lọ́wọ́ mọ́, ibẹ̀ ló sì kàn yín jù. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnì kan tí mo tọ́jú ṣe àpẹẹrẹ. Obìnrin kan wá pẹ̀lú Hb 7.8, RBC 2.9, MCV 83, RDW 21. Ẹ wo bó ṣe sún mọ́ tiyín tó. Ní ibi tó ti ń gba ìtọ́jú tẹ́lẹ̀, wọ́n ti ní irin àti B12 ló tán, wọ́n sì ti ń fún un ní irin fún oṣù bíi mélòó kan láìsí ìyípadà. B12 rẹ̀ kéré gan-an lóòótọ́. Ṣùgbọ́n fẹ́rítìnì rẹ̀, tí wọ́n wọ̀n kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo irin, jẹ́ 140. Irin wà lára rẹ̀ dáadáa. Kí ló wá ń sọ apá kan sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ di kékeré? A dá irin dúró, a bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ B12. Lọ́sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, RDW rẹ̀ tún ga sí i, ó di 25, torí sẹ́ẹ̀lì tuntun ń dà sáàárín àwọn ògbólógbòó. Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ nìyẹn, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín bí tiyín náà bá ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó pé oṣù mẹ́rin, Hb rẹ̀ ti di 11.4, RBC 5.4, RDW 15. MCV ńkọ́? Ó já wá sí 66. A wọn fẹ́rítìnì lẹ́ẹ̀kan sí i, torí mùdùnmúdùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí máa ń gbé irin mì, ó sì lè tán lójú ìtọ́jú. Ó ṣì pọ̀ tó. Àyẹ̀wò HbA2, irú himoglobíìnì kan tó máa ń pọ̀ sí i lára ẹni tó ní àbùdá irú bẹ́tà, jẹ́ 5.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Àbùdá talasíìmíà irú bẹ́tà ló ti wà níbẹ̀ láti ìbí rẹ̀, àìtó B12 ló fẹ sẹ́ẹ̀lì kéékèèké náà títí MCV fi rí bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé àbùdá talasíìmíà pẹ̀lú àìtó B12, àti àìtó irin pẹ̀lú àìtó B12, lè ya àwòrán kan náà lórí ẹ̀rọ. RDW máa ga nínú méjèèjì. Fẹ́rítìnì ló ń là wọ́n. Tiyín jẹ́ 7, kò sì sí ohun mìíràn tó ń fa fẹ́rítìnì wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ju kí irin tán lára lọ, nítorí náà ẹ nílò irin ní tòótọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ń gbóná tàbí tó ní àrùn kan lára ni fẹ́rítìnì lè ga fún lọ́nà ẹ̀tàn. Èyí tó kéré kì í tanni. Síbẹ̀, ẹni tí irin tán lára rẹ̀ ṣì lè ní àbùdá náà pẹ̀lú.

Bí mo ṣe máa ṣe é fún yín rèé. Ẹ lo irin àti B12 bí dókítà yín ṣe là á sílẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún yín ní fólétì dípò B12. Ó lè gbé Hb sókè nígbà tí àìtó B12 á ṣì máa ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ẹ má tíì ṣe HbA2 báyìí bí kò bá sí ìkánjú. Àìtó irin ń fà á wálẹ̀, àìtó B12 ń tì í sókè, nọ́ńbà tó bá jáde nísinsìnyí kò ní ṣeé gbára lé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, nígbà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì àtijọ́ ti kú tán, ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe, pẹ̀lú fẹ́rítìnì. Bí MCV bá gòkè sí 88 tàbí bẹ́ẹ̀, tí RDW sì sọ̀ kalẹ̀ sí 13 tàbí 14, kò dà bíi pé ẹ ní àbùdá irú ti àbúrò yín. Bí ó bá já sí ọgọ́ta-lé, tí RBC kọjá 5, tí fẹ́rítìnì sì ti gbé dáadáa, ìgbà yẹn ni HbA2 tó ju 3.5 lọ á fìdí irú bẹ́tà múlẹ̀. Bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ sí yín lára láàárín ìgbà náà, ẹ sọ fún wọn, torí sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíì tó wọ inú tiyín á gbé RDW sókè, á sì da MCV rú fún oṣù bíi mélòó kan.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ àbúrò yín pẹ̀lú irú àbùdá tó ní, àti iye tí HbA2 rẹ̀ jẹ́. Bí ó bá jẹ́ irú bẹ́tà, ọ̀kan nínú àwọn òbí yín, ó kéré tán, ló gbé e, ìdajì ni ànfààní pé kó kàn yín. Bí ó bá jẹ́ irú álífà, HbA2 kò ní fi nǹkan kan hàn lára yín, kódà lẹ́yìn ìtọ́jú. Àyẹ̀wò DNA nìkan ló lè sọ ọ́. Òun náà ẹ sọ fún un pé kó má lo irin nítorí pé sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kéré, àfi bí fẹ́rítìnì tirẹ̀ náà bá wálẹ̀. Bí ẹ bá sì wà nínú oyún, tàbí ẹ ń gbèrò rẹ̀ láìpẹ́, ẹ má dúró de oṣù mẹ́rin tí mo sọ yìí: kí ọkọ yín lọ ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ̀yin sì béèrè fún DNA tààrà.